Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Fún Owó, Ọwọ́ Òsì Ni Fún Fóònù

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ nítòsí ibi tí mo ń jókòó sí ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura pé bí mo ṣe to ojú fóònù mi kò bá iṣẹ́ mi mu. Ìyá yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fóònù lòun ń sọ. Iṣẹ́ píóẹ́ẹ̀sì ni mò ń ṣe. Ọmọ ìyá fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi láti Ìbàdàn, pé kí n kó o fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi di fóònù mú, tí mò ń fi àtàǹpàkò wá áàpù báńkì kiri. Nígbà tí mo rí i pé owó ti wọlé, mo fi ọwọ́ òsì yọ owó nínú dúrọ́ọ̀, mo sì nà án sí ìyá láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá kò gbà á. Ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ òsì kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó, mo ní kí wọ́n má bínú, mo pààrọ̀ ọwọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ronú sí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kì í sọ̀rọ̀, àwọn àgbà kan sì máa ń gbà á pẹ̀lú ojú tó le. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé ọwọ́ ọ̀tún mi, ti oníbàárà ni. Òun ni yóò gba owó, tí yóò kà á, tí yóò nà án. Fóònù ní láti lọ sí ọwọ́ òsì, kí ó sì dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí mo bá pa agboòrùn dé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi tóbi. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.8, ó sì ga bí ọ̀pẹ. Bí wọ́n ṣe to ojú rẹ̀ nígbà tí mo rà á, òpó mẹ́rin ni áàpù wà, àwọn tí mo ń lò jù sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti máa ń wá wọn. Nígbà tí mo gbé e sí òsì, gbogbo wọn di ará ọ̀nà jíjìn. Mo máa ń na àtàǹpàkò, fóònù á yí lọ́wọ́ mi, màá fi ọmọńdinrín gbé ìdí rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ kẹta ó já bọ́ sórí kọnkéré, gíláàsì tí mo lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ sì fọ́ láti ìkángun dé ìkángun. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ojú rẹ̀ gan-an ló fọ́.

Àwọn tó ń lo fóònù lọ́nà tèmi kò sì kéré. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steven Hoober ṣe ìwádìí kan ní 2013, tó ń wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lo fóònù ní ìgboro. Ènìyàn 1,333 ló wò, 49 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo. Nínú àwọn ọlọ́wọ́ kan yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ń yà láti fi kọ́ni bí a ṣe ń to ojú fóònù, ti ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ni ètò ọwọ́ kan tó wà nínú Android fúnra rẹ̀. Láti Android 12 ló ti wà níbẹ̀: o máa fi ìka fa ìsàlẹ̀ fóònù wálẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ lè tó òkè rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí mò ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì, ojú fóònù sì máa ń padà sókè tí mo bá ti dákẹ́ díẹ̀. Fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Fún ẹni tó ń ṣí áàpù báńkì kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń rẹni.

Ìgbà náà ni mo wá gba Nova Launcher. Lọ́ńṣà ni áàpù tó ń to ojú fóònù. Bí o bá fi tuntun sí i, ti tẹ́lẹ̀ kò lọ ibì kankan. Ìwọ lo máa yan èyí tó yẹ kó máa jáde tí o bá tẹ bọ́tìnnì ilé. Ohun tí mo wá sí ọ̀dọ̀ Nova fún ni pé ó jẹ́ kí n yan iye òpó àti iye ìlà fúnra mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà bí màá ṣe lò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi í sí òpó mẹ́rin, mo sì sọ àwọn áàpù di ràbàtà, mo rò pé tí wọ́n bá tóbi, ọwọ́ á tètè bà wọ́n. Irọ́ ni. Òpó kẹrin ṣì wà níbi tó wà, ó jìnnà sí àtàǹpàkò òsì mi bí ẹni wà ní Ọ̀yọ́ tó ń na ọwọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ì bá tóbi tó àwo, ibi tí ọwọ́ kò tó, kò tó náà ni.

Àkàrà ló là mí lójú. Mo ra àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ tán, mi ò tíì nu ọwọ́ tí oníbàárà fi dé. Mo fi ọwọ́ òsì tó kún fún òróró gbé fóònù. Nígbà tó lọ, iná ojú fóònù ti kú, oòrùn sì ń tàn sí i lójú, mo wá rí ipa òróró náà kedere. Ó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì, ní nǹkan bí ìdajì fóònù, ó gba àárín kọjá, ó wá tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Òkè òṣùmàrè yìí mọ́ tónítóní, kò sí òróró níbẹ̀ rárá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé igun òsì nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tó sún mọ́ ìdí àtàǹpàkò mi jù lọ, òun náà mọ́. Mo ti rò pé ibi tó sún mọ́ ọwọ́ jù ló rọ̀ ọwọ́ lọ́rùn jù. Àṣé kí àtàǹpàkò tó lè tẹ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ká kò bí ìgbín tó ń wọ ìkarahun, fóònù á sì fẹ́ bọ́.

Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo nu ojú fóònù, mo fi òróró díẹ̀ pa àtàǹpàkò, mo di fóònù mú bí mo ṣe máa ń dì í mú gan-an, mo ju àtàǹpàkò bí ó ṣe fẹ́ láì nà án. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ti òun kéré ju tèmi lọ dáadáa, torí àtàǹpàkò rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ da ètò tèmi kọ, kó kọ́kọ́ wo ipa òróró tirẹ̀.

Ìgbà tí mo rí ipa yìí ni ìwúlò òpó àti ìlà wá yé mi. Mo máa ń pe ojúlé kọ̀ọ̀kan tí áàpù ń gbé ní ihò, bí ihò ọpọ́n ayò. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ihò bá pọ̀, áàpù tó máa gbà ló pọ̀, wọ́n á sì kún un fọ́fọ́. Lójú tèmi báyìí, tí ihò bá pọ̀ ni mo lè gbé áàpù sí ibi tí ó yẹ gan-an, màá sì fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Ihò mẹ́rin kò lè tẹ̀ lé òṣùmàrè. Ó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí àtẹ̀gùn tí ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra.

Mo mú rúlà ọmọ iléèwé, mo wọn fífẹ̀ ojú fóònù mi: nǹkan bíi mìlímítà 71. Tí a bá pín in sí òpó mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó mìlímítà 18. Tí ó bá jẹ́ márùn-ún, 14. Mẹ́fà, 12 ó dín díẹ̀. Méje, 10. Ìtọ́sọ́nà tí Gúgù fún àwọn tó ń kọ áàpù Android ni pé ohun tí ènìyàn á fi ìka tẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju 48dp lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9. Mo rí i pé 10 ṣì ju 9 lọ, mo ní ó ti dáa, mo lọ sí òpó méje.

Òpó méje kò jẹ́ kí n sùn. Mo gbé áàpù báńkì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọ̀kan tí owó oníbàárà ń wọ̀, èkejì tí mò ń tọ́jú owó àjọ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá kan fi ₦12,000 ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí áàpù, mo wò ó, kò sí owó. Mo ní kó dúró díẹ̀. Ó ní, "Brọ̀dá, wọ́n ti yọ owó mi o," ó sì fi àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn mí. Mo tún wò ó, kò sí. A fà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ènìyàn ti ń yí wa ká, kí n tó ṣàkíyèsí pé àkáǹtì owó àjọ ni mò ń wò láti ìgbà yẹn. Àtàǹpàkò mi ti tẹ ẹnu ààlà àwọn méjèèjì, èkejì ló ṣí, àwọ̀ inú wọn sì jọra. Owó ọmọ náà ti wọlé tipẹ́. Ojú tì mí. Mo fi ₦200 kún un fún un, ó kọ̀ ọ́.

Mìlímítà 9 yẹn, fún ẹni tó fara balẹ̀, tó ń wo ibi tó ń tẹ̀ ni. Àtàǹpàkò tí wọ́n nà jáde kì í fi orí rẹ̀ tẹ nǹkan, ikùn rẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ikùn àtàǹpàkò sì fẹ̀ ju orí lọ. Tí ojú rẹ bá tún wà lára owó tí ò ń kà, ó lè ṣìnà ní mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Mo padà sí òpó mẹ́fà àti ìlà mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di òní. Ihò mẹ́fà ni ọpọ́n ayò ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú mi fi tètè mọ́ ọn. Bí mo ṣe ṣe é nìyí: mo tẹ ibi tó ṣófo lójú fóònù mọ́lẹ̀ títí ètò fi jáde, mo wọ `Settings`, lẹ́yìn náà `Home screen`, mo wá ibi tí wọ́n kọ `Grid` sí, nínú Nova àtijọ́, `Desktop grid` ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni mo ti yan 6 àti 9. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní `Subgrid positioning`. Tí o bá ṣí i, o lè gbé áàpù sí àárín ihò méjì, ìyẹn ni pé ó ń jẹ́ kí o sún nǹkan ní ìdajì ihò. Mo lò ó fún áàpù kan ṣoṣo, torí tí mo bá lò ó fún gbogbo wọn, ojú fóònù máa ń dà bí ọjà tí kò ní ìsọ̀.

Mo tún pa dọ́ọ̀kì, ìlà ìsàlẹ̀ tí kì í yí padà yẹn. Gbogbo ènìyàn ló ń fi áàpù tí wọ́n fẹ́ràn jù síbẹ̀. Àmọ́ òróró ti fi hàn mí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ti lọ sílẹ̀ jù fún àtàǹpàkò tí ìdí rẹ̀ ń gbé fóònù dúró, pàápàá ní igun òsì. Nígbà tí mo pa á, àwọn ìlà tó kù rí àyè díẹ̀ sí i, ihò wọn sì ga sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo wá to áàpù lé ipa òróró. Tí a bá ka ìlà láti òkè, tí a sì ka òpó láti òsì, áàpù ìfiránṣẹ́ wà ní ìlà karùn-ún, òpó kejì. Áàpù báńkì ti oníbàárà wà ní ìlà kẹfà, òpó kẹta, ọ̀gangan ibi tí òróró ti nípọn jù. Ẹ̀rọ ìṣirò wà ní ìlà keje, òpó kẹrin. WhatsApp wà ní ìlà kẹjọ, òpó karùn-ún. Ẹ rí i pé wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kò sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì gan-an. Igun ni wọ́n fi ń kan ara wọn. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ wá èyí, ipa òróró ló mú un wá, ṣùgbọ́n òun ló wo ìṣìnà mi sàn. Láti àárín áàpù kan sí àárín èkejì tó wà ní igun rẹ̀ máa ń tó mìlímítà 19, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kò ju 12 lọ. Tí àtàǹpàkò bá ṣìnà díẹ̀, ihò òfìfo ló ń bọ́ sí, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Áàpù owó àjọ, mo gbé e kúrò lójú ìwé yìí pátápátá. Ó wà lójú kejì, lókè, níbi tí mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì wá a. Owó àjọ kò yẹ kó rọrùn láti dé.

Ohun kan ṣì kù tó wà lókè: àlẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé, tí a máa ń fa wálẹ̀ láti orí fóònù. Nova ní ohun tó ń jẹ́ `Gestures & inputs`. Mo sọ `Swipe down` di `Expand notifications`, báyìí ibikíbi tí mo bá ti fa ìka wálẹ̀ lójú ilé, àlẹ́ẹ̀tì á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n ń sanwó fún ni èyí wà, `Prime` ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ni mo torí rẹ̀ sanwó, mi ò sì kábàámọ̀. Ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí a tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí ó pa iná, mi ò ṣí i, torí ó máa ń béèrè àṣẹ `Accessibility`, àwọn áàpù báńkì míràn sì máa ń figbe ta tí wọ́n bá rí áàpù tó ní àṣẹ yẹn.

Ká wá sọ̀rọ̀ àmì. Àkójọ àmì ni áàpù tó ń pààrọ̀ àwòrán gbogbo áàpù rẹ kí wọ́n lè jọra. Mo rí ọ̀kan tó funfun, ìlà tín-ín-rín, ó wù mí dé ọkàn. Mo wọ `Look & feel`, mo wọ `Icon style`, mo yàn án ní `Icon theme`, ojú fóònù mi wá dùn-ún wò bí aṣọ òkè tuntun. Ọjọ́ kejì ní Tákíé, nínú oòrùn, mi ò rí nǹkan kan. Ìlà funfun tín-ín-rín lórí àwòrán tó mọ́lẹ̀, oòrùn gbé e jẹ. Kò tán síbẹ̀. Áàpù báńkì ti di ilé kékeré olópòó mẹ́ta, áàpù àjọ náà di ilé olópòó mẹ́ta. Ó wá ku ọ̀kan tí ẹni tó ya àkójọ náà kò yà, ó jókòó láàárín wọn pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́, bí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Kò sí àkójọ tó ya gbogbo áàpù, èyí tí wọ́n sì máa ń fò jù ni áàpù àwọn báńkì wa àti ti àwọn oníléeṣẹ́ kékeré.

Ojú tó ń wo owó kò ráyè ka àmì. Àwọ̀ ló ń rí. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ ọsàn, àtàǹpàkò á ti lọ kí ọpọlọ tó sọ orúkọ. Nígbà tí mo sọ gbogbo wọn di funfun, mo ti yọ ojú àtàǹpàkò mi. Bí mo ṣe tún un ṣe ni pé mo fi àkójọ náà sílẹ̀ fún àwọn áàpù tí kò ṣe pàtàkì, mo wá tẹ áàpù tó bá jẹ mọ́ owó mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yan `Edit`, mo tẹ àwòrán rẹ̀, mo sì dá ti àtilẹ̀wá padà fún un. Mo tún fi àwòrán dúdú kan ṣoṣo, tí kò ní nǹkan kan lára, sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Báyìí àwọ̀ mẹ́rin péré ló ń tàn lójú ilé mi, wọ́n sì wà lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹwà lè pe èyí ní ìṣẹ́. Mo gbà.

Wíjẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe àṣìṣe tó pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Wíjẹ́ẹ̀tì ni fèrèsé kékeré tí áàpù máa ń ṣí sójú ilé: aago, ojú ọjọ́, ìwé àkọsílẹ̀. Mo fi aago àti iye bátìrì sókè pátápátá. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ojú ló ń lò wọ́n, ọwọ́ kò nílò àtidé ibẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ṣì gbé. Mo ní àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ mí lówó, mo sì sọ ọ́ di wíjẹ́ẹ̀tì ńlá ní àárín ojú ilé, lábẹ́ àtàǹpàkò, kí n lè máa tètè fi kún un. Kíá ni fífa ìka wálẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo máa fà á, àlẹ́ẹ̀tì kò ní wá. Mo rò pé Nova ti bàjẹ́, mo pa fóònù, mo tún tàn án. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé wíjẹ́ẹ̀tì tí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ gùn, tó ń yí lọ sókè sódò, òun ló ń gbé fífà ìka mi mì. Tí mo bá fa ìka lórí rẹ̀, orúkọ àwọn onígbèsè ló ń yí, Nova kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo fà á. Tí mo bá fà á lórí ihò òfìfo, àlẹ́ẹ̀tì ń wá wẹ́rẹ́. Ohun tó ń dá a mọ̀ nìyẹn: bí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn lójú ilé kan náà, wo ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ.

Kí n tó gbé e kúrò níbẹ̀, oníbàárà kan ti na ọrùn wo fóònù mi, ó ka orúkọ aládùúgbò rẹ̀ jáde ketekete. "Ẹ̀ẹ́n! Òun náà ń jẹ gbèsè?" Ojú ilé fóònù oníṣòwò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àkọsílẹ̀ yẹn ti wà lójú kejì láti ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá máa yí iye òpó padà kó rántí pé wíjẹ́ẹ̀tì kì í bá wọn yí. Aago mi gba ihò mẹ́rin nígbà tí òpó jẹ́ mẹ́rin, ó sì kún ojú fóònù. Nígbà tí mo lọ sí mẹ́fà, ihò mẹ́rin náà ló ṣì gbà, ó wá kúrú sí òsì, ìdajì déètì sì gé dànù. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fa etí rẹ̀ dé òpó kẹfà. Tí o bá ń lọ láti ihò púpọ̀ sí kékeré, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí kò bá rí àyè lè sọnù. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan báyìí, mo máa ń wọ `Backup & restore` kí n fi ètò pamọ́ ná. Fáìlì tó bá jáde máa ń parí pẹ̀lú `.novabackup`. Ó dá áàpù padà sí ihò wọn nígbà tí mo dán an wò, ṣùgbọ́n àwọn wíjẹ́ẹ̀tì padà wá lófìfo, mo ní láti tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tún fún wọn láṣẹ.

Mo tún máa ń ya àwòrán ojú ilé náà, kí n fi ránṣẹ́ sí ara mi. Fún Nova ni fáìlì yẹn wà, ọ̀rọ̀ Nova sì ti yí padà díẹ̀: iléeṣẹ́ Branch rà á ní 2022, Kevin Barry tó dá a sílẹ̀ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2025. Bí ọjọ́ kan bá dé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, pẹ̀lú àwòrán yẹn mo lè fi ojú wo ìlà àti òpó, kí n tún un tò nínú lọ́ńṣà mìíràn.

Àbúrò mi máa ń bá mi jókòó síbẹ̀ nígbà tí mo bá lọ sí báńkì. Òun kì í yọ owó nínú dúrọ́ọ̀. Ó máa ń fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, á sì fi ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní ètò tèmi dà bí ilé tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́. Mo ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, òpó mẹ́rin, àmì ràbàtà, èyí tí mo kọ́kọ́ pè ní àṣìṣe. Fún ẹni tó gbé fóònù kalẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe. Fáìlì méjì ló wà báyìí, tèmi àti tirẹ̀, mo sì máa ń gbé tirẹ̀ wọlé kí n tó dìde, bí àwọn wíjẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ fẹ́ máa fún mi ní wàhálà.

Ibi tí lọ́ńṣà kò lè ràn mí lọ́wọ́ ni inú áàpù. Tí mo bá ti ṣí áàpù báńkì, àwọn tó kọ ọ́ ló ní ibẹ̀. Nínú èyí tí mò ń lò, ibi tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé wà ní igun ọ̀tún lókè, ibi tó jìnnà jù lọ sí àtàǹpàkò òsì. Nígbà tí mo bá débẹ̀, mo ń fi ètò ọwọ́ kan ti Android fa ojú fóònù wálẹ̀, ìyẹn tí mo ti pa tì tẹ́lẹ̀. Bí ojú fóònù bá sì padà sókè kí n tó tẹ̀ ẹ́, màá sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," màá gbé owó lé orí tábìlì, màá sì fi ìka ọ̀tún tẹ̀ ẹ́.